Fáìlì kọ́sítọ́mà kan lọ sọ́wọ́ kọ́sítọ́mà mìíràn: kí ni kí n ṣe?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Aṣọ iṣẹ́ ni èmi àti màmá mi ń rán fún àwọn iléeṣẹ́ n'Íbàdàn. Lánàá, iléeṣẹ́ kan tí a ò bá ṣòwò rí ní kí a fi iye tí a ó gbà lórí aṣọ 120 ránṣẹ́ sí àwọn ní ímeèlì. Mo yára fi ránṣẹ́. Àfi bí mo ṣe rí i láàárọ̀ yìí pé fáìlì kọ́sítọ́mà wa mìíràn ni mo so mọ́ ọn, owó tí a sì gbà lọ́wọ́ àwọn yẹn kéré sí ti àwọn wọ̀nyí. Mo tún ṣi orúkọ iléeṣẹ́ náà kọ, nínú àkòrí àti níbi tí mo ti kí wọn. Wọn ò tíì fèsì. Ṣé kí n pa á rẹ́ ni, àbí kí n dákẹ́ títí wọn ó fi pè, àbí kí n kọ òmíràn? Kí ni màá wá kọ síbẹ̀?*

Ẹ kọ òmíràn, kí ẹ sì kọ ọ́ lónìí. Àmọ́ ẹ má tíì tẹ nǹkan kan, nítorí iṣẹ́ kékeré kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pípa rẹ́ kúrò ńlẹ̀. Bí ẹ bá pa ímeèlì yẹn rẹ́ nínú "Sent" yín, ẹ̀dà tiyín nìkan lẹ pa rẹ́. Tiwọn ṣì jókòó sínú àpótí wọn, ẹ̀yin lẹ wá sọ ẹ̀rí tí ẹ nílò nù. Gmail ní bọ́tìnì kan tó ń jẹ́ "Undo Send", ṣùgbọ́n kì í sáré lọ gba lẹ́tà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá lẹ́tà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 kó tó jẹ́ kó jáde, tàbí títí dé 30 bí ẹ bá ti yí i padà fúnra yín. Bí àkókò yẹn bá ti kọjá, ó ti lọ nìyẹn. Outlook náà ní tirẹ̀, "Recall this message", àmọ́ àárín àwọn tó jọ wà nínú iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n jọ ń lo Microsoft 365 tàbí Exchange, nìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Kò lè wọ inú Gmail ẹnikẹ́ni lọ mú nǹkan jáde. Ó tilẹ̀ máa ń dá kún wàhálà nígbà mìíràn, torí pé ẹni tó wà níta lè rí lẹ́tà kékeré kan gbà pé ẹ fẹ́ gba ti àkọ́kọ́ padà. Ta ni wọ́n máa sọ irú ìyẹn fún tí kò ní lọ ṣí ti àkọ́kọ́ wò?

Bó bá jẹ́ Wáàsáàpù lẹ fi ránṣẹ́ ni, ẹ ní àyè tó lé díẹ̀ ní ọjọ́ 2 láti pa á rẹ́ lọ́dọ̀ yín àti lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àmì pé ẹ pa nǹkan rẹ́ máa wà níbẹ̀, fáìlì tí wọ́n bá sì ti gbé pamọ́ sórí fóònù kò ní bá a lọ dandan. Nítorí náà, lórí Wáàsáàpù pàápàá, ẹ ṣì máa ní láti sọ̀rọ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni ẹ ti lè gba nǹkan padà ní tòótọ́, ìyẹn bó bá jẹ́ pé lìǹkì Google Drive lẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe fáìlì gan-an. Gmail máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ bí fáìlì bá ti ju 25 MB lọ. Ẹ wo inú lẹ́tà àná dáadáa. Bó bá jẹ́ lìǹkì ni, ẹ lọ sínú Drive, ẹ tẹ "Share", kí ẹ yọ ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti ṣí i kúrò kíákíá, kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn. Mo mọ̀ pé Drive tún ní "Manage versions", níbi tí ẹ ti lè fi fáìlì tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ kí lìǹkì má yí padà. Ọgbọ́n yẹn wúlò bí ẹ bá ń tún àṣìṣe kékeré ṣe lórí iṣẹ́ tí ẹ̀yin àti àwọn jọ ń ṣe. Níbi tí ọ̀rọ̀ owó bá wà, ẹ má dán an wò. Bí wọ́n bá ti rí ₦16,000 láàárọ̀, tí wọ́n wá padà débẹ̀ lálẹ́ tí wọ́n bá ₦18,500, àrékérekè ni wọn ó kà á sí, wọn ò ní pè é ní àṣìṣe.

Ó dáa. Iṣẹ́ tó ṣáájú rèé. Ẹ lọ sínú "Sent", ẹ ṣí lẹ́tà àná, kí ẹ sì ṣí fáìlì náà láti ibẹ̀, kì í ṣe láti orí kọ̀ǹpútà yín. Ìdí rẹ̀ ni pé fáìlì orí kọ̀ǹpútà lè ti yí padà látàná, tàbí kó jẹ́ èyí tí orúkọ wọn jọra lẹ ń wò. Inú "Sent" nìkan lẹ ti lè rí ohun tí àwọn náà ń rí gan-an. Ẹ wò ó láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ Excel, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ní ojú ewé kejì tàbí ìkẹta, nítorí pé Excel máa ń gbé gbogbo wọn lọ, títí kan èyí tí wọ́n bá fi pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi "To" àti "Cc", kí ẹ ka iye èèyàn tó gbà á.

Mo mọ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ Excel fún ẹ̀yin aránṣọ. Ẹni tó bá ń rán aṣọ fún òṣìṣẹ́ 200 á ní ibì kan tó kọ orúkọ wọn sí, pẹ̀lú ìwọ̀n àyà, ìbàdí àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò, nígbà mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù kí wọ́n lè pe ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá ṣe régé. Inú fáìlì iye owó kan náà ni ọ̀pọ̀ máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí, ní ojú ewé kejì. Bó bá jẹ́ iye owó nìkan ló jáde, ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin àti kọ́sítọ́mà yín àtijọ́ nìyẹn. Bí orúkọ àti ìwọ̀n ara àwọn èèyàn bá bá a jáde, ó ti wọ inú Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023. Lójú òfin yẹn, iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún yín ló ni ojúṣe lórí dátà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin ń bá wọn lò ó ni. Ẹni tó ń bá wọn lò ó gbọ́dọ̀ sọ fún iléeṣẹ́ náà ní gbàrà tó bá ti mọ̀ pé ó jáde. Iléeṣẹ́ yẹn ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ ìjọba tó ń rí sí i, NDPC, bí ó bá jọ pé ó lè ṣe àwọn èèyàn náà ní ìpalára. Ìwọ̀n àyà èèyàn tó dé ọwọ́ ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì mìíràn lè má tó nǹkan tí àjọ yóò gbọ́ sí. Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ máa pinnu ìyẹn fún wọn. Ẹ sọ fún wọn, kí àwọn pinnu.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé iye owó nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ wá ṣí fáìlì tó tọ̀nà, èyí tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò, kí ẹ sì kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ tí ẹ ṣì kọ nínú lẹ́tà wà nínú fáìlì yìí náà, torí ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì, nírọ̀lẹ́ kan náà. Ẹ lo Ctrl+F, ẹ tẹ bí ẹ ṣe ṣì í kọ, kí ẹ wo ibi tó ti jáde. Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀ wà lára ibi tí ẹ máa wò.

Ẹ má bínú pé mo ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ níbí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akọ̀wé, mo fi fáìlì tí kò tọ́ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan rí. Àyà mi já, mo sáré kọ àtúnṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo tún so fáìlì kan náà mọ́ ọn, torí "Quotation final" ni orúkọ ọ̀kan, "Quotation final 2" ni orúkọ èkejì. Mo kọ ìkẹta. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ pè mí lórí fóònù, kò bínú rárá, ó kàn ní, "Màdámù, èwo ni ká gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Àṣìṣe kan, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí kì í fara balẹ̀ ni àtúnṣe tó tún ń fẹ́ àtúnṣe. Wọ́n ti dúró láti àná, ogún ìṣẹ́jú sí i kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Bí fáìlì bá ti tọ́, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tí kò jọ ti àná rárá. Ẹ fi orúkọ iléeṣẹ́ wọn, ohun tó wà fún àti ọjọ́ sí i. Bí orúkọ méjèèjì bá bára mu, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wọn á kàn fi "(1)" sí ẹ̀yìn èkejì ni, wọn ò sì ní mọ èwo ni wọ́n ń tẹ̀ jáde.

Ibò lẹ máa kọ ọ́ sí? Lọ́pọ̀ ìgbà, inú lẹ́tà àná gan-an ni mo máa ń ní kí èèyàn ti tẹ "Reply all", kí àtúnṣe lè tò sábẹ́ àṣìṣe, kó sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó gba ti àkọ́kọ́. Ẹ ṣọ́ra fún "Forward" o. "Reply" máa ń fi fáìlì àtijọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n "Forward" máa ń gbé e dání, ẹ ó sì tún fi ọwọ́ ara yín ránṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tiyín yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àkòrí ni ẹ ti ṣi orúkọ wọn kọ. Bí ẹ bá dáhùn lábẹ́ rẹ̀, orúkọ tí ẹ bà jẹ́ yẹn á máa tẹ̀ lé gbogbo lẹ́tà tí ẹ̀yin àti àwọn bá jọ kọ títí iṣẹ́ á fi parí. Bí ẹ bá sì yí àkòrí padà nínú Gmail, á ya ọ̀tọ̀ kúrò lára ti àná bákan náà. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tuntun, ẹ kó gbogbo orúkọ tó wà ní "To" àti "Cc" àná sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí àkòrí sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn kì í ka kọjá àkòrí kó tó tẹ fáìlì.

Bí èmi bá ni ẹ̀yin, ohun tí màá kọ nìyí. Mo fi ₦18,500 ṣe àpẹẹrẹ, ẹ fi iye tiyín sí i. Bí ẹ bá máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ẹ má fi gbólóhùn kún un.

> Àkòrí: ÀTÚNṢE: Iye owó aṣọ iṣẹ́ 120. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí rọ́pò ti àná
>
> Ẹ káàárọ̀, sà.
>
> Fáìlì tó wà nínú ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́ lánàá kì í ṣe tiyín. Àṣìṣe mi ni. Tiyín ló wà nínú èyí: aṣọ iṣẹ́ 120, ₦18,500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,220,000.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fáìlì àná rẹ́ nínú ímeèlì yín àti níbikíbi tí ẹ bá ti gbé e pamọ́ sí, ẹ má sì fi han ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti pa á rẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan dá mi lóhùn kí n lè mọ̀.
>
> Mo tún ṣi orúkọ iléeṣẹ́ yín kọ. Mo ti tún un ṣe nínú lẹ́tà yìí àti nínú fáìlì.
>
> Ẹ má bínú.

Lẹ́yìn èyí, orúkọ yín, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín àti nọ́ńbà fóònù.

Ẹ wò ó pé mo kọ iye owó náà sínú lẹ́tà gan-an, mi ò fi í sílẹ̀ fún fáìlì nìkan. Ìdí ni pé ẹni tó ti tẹ ti àná jáde lè má ṣí tòní, ṣùgbọ́n á rí ₦2,220,000 lójú lẹ́tà, á sì mọ̀ pé ti ọwọ́ òun kò bá a mu. Ẹ tún wò ó pé mi ò sọ ẹni tó ni fáìlì àná. Wọ́n lè ti rí i, àmọ́ ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Mi ò sì kọ ọ́ pé kí wọ́n "má ṣí i", torí ìyẹn dà bí ìgbà tí ẹ bá sọ fún ọmọdé pé kó má wo inú ìkòkò. Pípa rẹ́ ni ẹ ní kí wọ́n ṣe. Iṣẹ́ ni, ó sì ṣeé dáhùn pé a ti ṣe é.

"Ẹ má bínú" ẹ̀ẹ̀kan náà tó. Mo mọ bí a ṣe máa ń ṣe é nílé, tí èèyàn á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí á ní kí wọ́n fi orí jin òun nítorí Ọlọ́run àti nítorí àwọn òbí òun. Lójúkojú, ìyẹn níyì. Nínú ímeèlì, ìdọ̀bálẹ̀ ìlà mẹ́fà máa ń bo ohun tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣe mọ́lẹ̀, àti pé bí ẹbẹ̀ bá pọ̀ jù, wọn ó rò pé nǹkan tó bàjẹ́ ju ohun tí ẹ sọ lọ. Ẹ má dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi. Ẹ má sì sọ pé ọmọ iṣẹ́ yín ló ṣe é. Ẹni tó ń ra aṣọ 120 kò fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá aṣọ òun náà á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kù. Bó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan lẹ ṣì kọ, tó sì jẹ́ inú ìkíni nìkan ló wà, màá ní kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ dáadáa nígbà mìíràn. Lẹ́tà tí èèyàn kọ tìtorí lẹ́tà alífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo máa ń pe àkíyèsí sí ohun tí wọn ì bá máà rí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń kọ àtúnṣe fún nǹkan tó tóbi, gbólóhùn kan péré ni kí ẹ fi sí i, ní ìsàlẹ̀, bí mo ti ṣe yẹn. Kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú.

Ibi tí orúkọ ti di nǹkan ńlá ni inú ìwé iye owó, ínfọ́ìsì àti àdéhùn. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó lọ́dọ̀ wọn á gbé ínfọ́ìsì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àṣẹ ìrajà wọn, bí orúkọ kò bá sì bára mu, ó lè dá a padà, ẹ̀yin á máa retí owó. Àwọn orúkọ kan wà tí etí máa ń tàn wá jẹ lórí wọn. Procter & Gamble ni, kì í ṣe "Proctor". Guaranty Trust ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Guarantee" ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ kọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ tọ̀nà, àmọ́ ìrù rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Dangote Cement PLC àti Dangote Sugar Refinery PLC kì í ṣe iléeṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá kọ "Dangote" nìkan sórí ínfọ́ìsì kò tíì sọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. "Limited" àti "PLC" náà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, irú iléeṣẹ́ tó jẹ́ lábẹ́ òfin ni wọ́n ń sọ.

Kí ẹ má gbára lé etí, kí ẹ má sì gbára lé ohun tí ẹnìkan tẹ̀ sí yín lórí Wáàsáàpù. Ẹ da orúkọ náà kọ láti inú ìwé àṣẹ ìrajà tí wọ́n fún yín, tàbí láti ìsàlẹ̀ ímeèlì wọn níbi tí orúkọ iléeṣẹ́ wà. Bí àwọn méjì yẹn bá takora, ẹ wò ó nínú àkọsílẹ̀ CAC, níbi tí gbogbo iléeṣẹ́ tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà wà. Ẹ tún wo fóònù yín. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti kọ orúkọ yẹn dáadáa, kí fóònù wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun mọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á tún ṣe é lónìí, bí ẹ ò bá kọ ọ́ láti orí kọ̀ǹpútà.

Ohun kan nípa nọ́ńbà ìwé: ìwé iye owó tiwọn kò tíì dé ọwọ́ wọn rí, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ kò nílò àyípadà. Ì bá ṣe pé ìwé tiwọn gan-an lẹ fi ránṣẹ́, tí owó inú rẹ̀ ni kò tọ̀nà, nígbà yẹn lẹ máa fún tuntun ní nọ́ńbà mìíràn, tí ẹ ó kọ sí orí rẹ̀ pé ó fagi lé ti ọjọ́ báyìí. Ìwé méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí owó wọn yàtọ̀, ni orísun ìjà níwájú ẹni tó ń san owó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ pè wọ́n. Kì í ṣe ṣáájú o. Bí ẹ bá pè kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ó máa ṣàlàyé ohun tí kò tíì sí níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò gbọ́dọ̀ gùn: "Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ímeèlì kan ránṣẹ́, àtúnṣe ni a kọ sí orí rẹ̀. Òun ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti àná." Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti tẹ ti àná jáde, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fà á ya.

Ibí ni wọ́n ti lè bi yín ní ìbéèrè tó ń bà yín lẹ́rù: "Kí ló dé tí ẹ ṣe ti àwọn yẹn ní ₦16,000, tí ẹ wá fẹ́ gba ₦18,500 lọ́wọ́ wa?" Ìbéèrè yẹn kò gbọ́dọ̀ bá yín lójijì. Ẹ má dín owó kù lórí fóònù nítorí ìtìjú. Ó lè jẹ́ pé aṣọ 200 làwọn yẹn rán. Ó lè jẹ́ pé àwọn ló ra aṣọ fúnra wọn, tó jẹ́ pé owó iṣẹ́ nìkan lẹ gbà, tàbí pé tiwọn kò ní àmì tí wọ́n fi òwú kọ sí àyà. Gbogbo ìyẹn ni ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ìkankan nínú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́mà yín ni. Ẹ sọ nípa tiwọn nìkan: "Sà, irú aṣọ tí ẹ mú, iye tí ẹ fẹ́ àti àmì orí àyà rẹ̀ ló gbé e dé ibẹ̀. Mo lè fọ́ owó náà sí wẹ́wẹ́ fún yín kí ẹ rí ibi tó lọ. Ti kọ́sítọ́mà mìíràn ni n kò lè sọ, bí n kò ti ní sọ tiyín fún ẹnikẹ́ni." Kí ẹ sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ lóòótọ́: iye yáàdì, owó yáàdì, owó ìránṣọ, owó àmì, owó ọkọ̀. Bí ẹ bá rí i nígbà tí ẹ fọ́ ọ pé kò sí ìdí kankan tí tiwọn fi wọ́n jù, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ímeèlì mọ́. Ẹ lọ bá màmá yín jókòó lórí iye tí ẹ ń gbà.

Kọ́sítọ́mà àtijọ́ yẹn ńkọ́? Èrò mi lè má bá ti ẹlòmíràn mu, ṣùgbọ́n màá sọ fún wọn, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye owó nìkan ló jáde. Ayé iléeṣẹ́ kò gbòòrò, àwọn tó ń rà nǹkan fún iléeṣẹ́ mọra wọn, wọ́n sì ń pàdé. Ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín ju kí wọ́n gbọ́ ọ níbi ìnáwó. Ẹ dúró kí iléeṣẹ́ tuntun yìí dáhùn pé àwọn ti pa á rẹ́, kí ẹ lè ní ohun rere kan láti sọ: pé ìwé iye owó wọn ti oṣù báyìí ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ kọ́sítọ́mà kan, pé orúkọ òṣìṣẹ́ wọn kankan kò sí níbẹ̀, pé wọ́n sì ti pa á rẹ́. Ẹ má sọ orúkọ ẹni tó gbà á fún àwọn náà. Bí orúkọ òṣìṣẹ́ bá wà níbẹ̀, bí mo ti wí lókè, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni, ẹ sọ ọ́ lónìí.

Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí iléeṣẹ́ tuntun kò sọ pé àwọn ti pa á rẹ́, ẹ tẹ "Reply all" sí lẹ́tà àtúnṣe yín, ẹ kọ ìlà kan péré, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti rí i. Bí wọ́n bá tún dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè wọ inú kọ̀ǹpútà wọn, lẹ́tà tí ẹ kọ ti wà ní "Sent" pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀.

Lónìí náà, kí ẹ tó dìde lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì jíà tó wà lókè Gmail, ẹ tẹ "See all settings", ẹ wá "Undo Send" lábẹ́ "General", kí ẹ gbé e láti 5 lọ sí 30, kí ẹ sì tẹ "Save Changes" ní ìsàlẹ̀ pátápátá, torí bí ẹ bá gbàgbé ìyẹn, kò ní dúró. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa so fáìlì mọ́ lẹ́tà ṣáájú, ẹ ṣí i wò nínú lẹ́tà náà, kí ẹ tó wá kọ àdírẹ́sì ẹni tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí. Lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì kò lè jáde, bó ti wù kí ọwọ́ yín yá tó.